Fọ́ọ̀mù ilé ní Ifẹ̀: mo ń ránṣọ, mo tún ń kọ́ni, kí ni kí n kọ síbi owó tó ń wọlé?

Télọ̀ Lágeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ilé oníyàrá méjì kan lápá Párákìn, ₦400,000 lọ́dún. Ajẹ́ńtì fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ibi mẹ́ta ló ń dà mí láàmú níbẹ̀. Wọ́n béèrè ibi iṣẹ́ mi àti iye tó ń wọlé lóṣù: ilé-ìwé aládàáni kan ń san ₦45,000 fún mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi ń jẹun. Wọ́n ní kí lánlọ́ọ̀dù tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí kọ lẹ́tà: bàbá ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ń jà sí ilé náà. Wọ́n tún fẹ́ onídùúró méjì, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí ni kí n kọ?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ

Àǹtí, ti owó yẹn ò le rárá. Ẹ gba sitetimẹ́ǹtì ọdún kan ní báńkì, ẹ ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, ẹ pín in sí méjìlá. Iye tó bá jáde ni kí ẹ kọ. Báńkì ló fi òǹtẹ̀ lù ú, ta ló máa bá yín jiyàn? Ẹ má kọ ₦45,000 yẹn o, wọ́n á kàn ju fọ́ọ̀mù yín sí ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Màmá Tọ́pẹ́

Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀ fún ajẹ́ńtì kankan tí o ò bá tíì wọ inú ilé náà kí o ṣí ẹ̀rọ omi wò. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù pé ẹ̀sìn wo ni mò ń ṣe, wọ́n tún béèrè bóyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú mi. Kí ló kan ọkọ mi nínú owó ilé? Ẹlẹ́yẹlé níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Télọ̀ Lágeré

Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti wo ilé náà o, omi ń yọ. Fọ́ọ̀mù gan-an ni wàhálà mi.

Akọ̀wé Ìlódè

Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ka irú fọ́ọ̀mù báyìí kí ọ̀gá wa tó ṣe àgírímẹ́ǹtì. Bọ̀dá Ìrẹ̀mọ tọ́ dé ìdajì ọ̀nà. Ọdún kan gbáko ló yẹ kí ẹ wò lóòótọ́, nítorí owó ìránṣọ a máa ya wọlé nígbà Iléyá àti Kérésì, a sì máa gbẹ bí ọdún bá ti kọjá. Ẹni tó bá mú oṣù Kejìlá nìkan yóò parọ́ láìmọ̀. Àmọ́ gbogbo owó tó gba inú àkáǹtì télọ̀ kọjá kọ́ ni owó télọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí onílé fi ń béèrè. Lọ́dọ̀ wa níbí, owó ọdún kan la ń san lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kò sí ohun tó kan onílé nínú bí owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù. Ẹ̀rù ọdún kejì ló ń bà á. Ẹni tó bá yá owó wọlé lọ́dún àkọ́kọ́ ni ẹ óò rí tó ń sá fún lánlọ́ọ̀dù bí àkókò àtisan òmíràn bá tó. Ohun tí ó fẹ́ rí ni bóyá ẹ lè tu owó jọ láàárín oṣù méjìlá láìjẹ gbèsè.

Torí náà, ẹ dáhùn èyí fún mi kí a tó kọ ohunkóhun. Ṣé inú àkáǹtì kan náà ni owó ilé-ìwé ń wọ̀? Ṣé ẹ máa ń gba owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà? Ṣé ẹ ń dá àjọ?

Télọ̀ Lágeré

Bẹ́ẹ̀ ni, sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti sitetimẹ́ǹtì náà ni. Owó tó wọlé lọ́dún kan jẹ́ ₦3,600,000, ẹnu yà mí, torí mi ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ. Owó ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Àjọ tí mo kó jẹ́ ₦240,000. Owó tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ pé kí n bá wọn ra léèsì àti àǹkárá aṣọ ẹbí lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní ₦1,500,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, òwú, láínìn, epo jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọṣẹ́, mo rò ó sí ₦480,000 lọ́dún.

Akọ̀wé Ìlódè

Ẹ ṣeun, ó ti ń hàn kedere. Ẹ yọ owó ilé-ìwé kúrò ná, ₦45,000 lọ́nà méjìlá, ₦540,000 nìyẹn. Kì í ṣe pé a dà á nù, ibòmíràn la fẹ́ kọ ọ́ sí, kí a má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Owó aṣọ ẹbí, ₦1,500,000, owó olówó ni, ọwọ́ ìyá aláṣọ ló lọ. Àjọ jẹ́ owó yín tí ẹ ti kà nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹ bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ₦3,600,000, ₦1,320,000 ló kù. Òun ni owó iṣẹ́ ìránṣọ. Ẹ wá yọ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, ₦480,000, ó ku ₦840,000 lọ́dún, ìyẹn ₦70,000 lóṣù.

Ẹ wá dá owó ilé-ìwé padà sí i. ₦70,000 àti ₦45,000 jẹ́ ₦115,000 lóṣù, ₦1,380,000 lọ́dún. Owó ilé ₦400,000 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ lè sùn dáadáa lórí iye yẹn.

Bí àyè tó wà nínú fọ́ọ̀mù bá kéré, ẹ kọ ₦115,000 síbẹ̀, kí ẹ wá so bébà kan mọ́ ọn tí ẹ óò kọ pé: "Ìpíndọ́gba ọdún kan ni: ₦45,000 owó oṣù ní ilé-ìwé, ₦70,000 èrè ìránṣọ lẹ́yìn tí mo ti yọ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù." Ó parí. Bí ajẹ́ńtì bá sì bi yín ní owó tí ẹ máa kọ́kọ́ kó sílẹ̀, ẹ rántí pé kì í ṣe ₦400,000 nìkan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti ajẹ́ńtì nílé púpọ̀, iye kan náà ni ti àgírímẹ́ǹtì, pẹ̀lú kọ́ṣọ̀n. Ẹ béèrè iye kọ́ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Télọ̀ Lágeré

Wọ́n ti sọ ọ́: ₦40,000 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkọ̀ọ̀kan. ₦520,000 lápapọ̀. Ó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń fún mi lówó lọ́wọ́ ńkọ́ o? Wọn ò sí nínú sitetimẹ́ǹtì.

Akọ̀wé Ìlódè

Ìwé tí ẹ fi ń wọn èèyàn ńkọ́? Bí ẹ bá ń kọ owó àsanlẹ̀ àti owó tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n àyà àti ìdí, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ẹ lè ro èyí tó wà nínú ìwé mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ pé owó ọwọ́ ni. Bí kò bá sí ìwé, ẹ fi sílẹ̀. ₦115,000 ti tó fún ilé yìí.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà nípa aṣọ ẹbí, mi ò rò ó débẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo ayé ló ń kọ ₦300,000. Bí èèyàn bá kọ ₦115,000, ẹni tó kọ ₦300,000 ni wọ́n máa fún nílé.

Ajẹ́ńtì Ọ̀pá

Bọ̀dá Ìrẹ̀mọ, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gba fọ́ọ̀mù dá yín lóhùn. Ẹni tó kọ ₦300,000, tó wá mú sitetimẹ́ǹtì wá, tí mo rí i pé bí ₦100,000 bá wọlé láàárọ̀, ₦95,000 á ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, mo mọ̀ pé owó olówó ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí mo máa ń wò ni ohun tó ṣẹ́kù nínú àkáǹtì lópin oṣù. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, lánlọ́ọ̀dù mìíràn wà tí kò ní ka ohunkóhun, ojú èèyàn ló máa wò, á ní "mo fẹ́ràn ọmọ yìí" tàbí "mi ò fẹ́ ọmọ yìí". Àwọn tó ń kọ́lé sí agbègbè tí akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ifẹ̀ pọ̀ sí kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè owó oṣù, òbí ni wọ́n máa ń béèrè.

Àǹtí, lẹ́tà ilé-ìwé yín ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ó wà lórí bébà tó ní orúkọ ilé-ìwé, kí ó ní déètì, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye owó oṣù, kí onílé-ìwé fọwọ́ sí i kí ó sì kọ náńbà tí wọ́n lè pè. Mo máa ń pe náńbà yẹn. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?" Ẹni tó bá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó ṣe ọ̀gá fún òun lórí fóònù kì í ráyè kọ́ ọ̀rẹ́ náà ní ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni yẹn á ní "ó ti pẹ́ díẹ̀."

Télọ̀ Lágeré

Èèmọ̀! Ọ̀gá wa ní òun lè kọ lẹ́tà ṣùgbọ́n òun ò ní kọ iye owó sí i, kí àwọn tíṣà yòókù má bàa rí i.

Ajẹ́ńtì Ọ̀pá

Ìyẹn wọ́pọ̀. Kí wọ́n kọ ìyókù. Owó ilé-ìwé tó ń wọ àkáǹtì yín lóṣooṣù máa sọ iye fúnra rẹ̀, ẹ kàn fi bírò àwọ̀ ewé fa ìlà sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan nínú sitetimẹ́ǹtì. Bí ó bá jẹ́ pé owó ọwọ́ ni wọ́n ń san ni, ẹ̀yin àti ọ̀gá yín á jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀ṣà Gidi

Tèmi nílùú Iléṣà lọ́dún tó kọjá nìyí. Ìlú òyìnbó ni lánlọ́ọ̀dù mi wà, mi ò rí i rí, àbúrò rẹ̀ kan ló ń gba owó lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo fẹ́ kó lọ síbi tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí lánlọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà. Àbúrò yìí ní òun ò lè kọ ọ́ nítorí òun kọ́ ló nilé. Àwọn risíìtì mi ni mo fi kún fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú àwọn álẹ́ẹ̀tì tí mo fi san, wọ́n sì gbà. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ti Ifẹ̀ yàtọ̀.

Akọ̀wé Ìlódè

Kò yàtọ̀. Èyí ló wá kan ti àǹtí Télọ̀. Níbi orúkọ lánlọ́ọ̀dù, ẹ má kọ orúkọ bàbá bí ẹni pé wọ́n ṣì wà láàyè, kí ajẹ́ńtì má lọ pe náńbà òkú. Ẹ kọ pé onílé ti di olóògbé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ san owó fún gbẹ̀yìn. Ta ni ẹ san án fún?

Télọ̀ Lágeré

Ọmọkùnrin wọn àgbà gba ti ọdún tó kọjá, ó fún mi ní risíìtì. Lọ́dún yìí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sọ pé kí n má san kọ́bọ̀ fún un mọ́, pé òun ló ni ilé. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó kúrò gan-an nìyẹn. Mo ṣì jẹ wọ́n ní oṣù mẹ́ta, torí mi ò mọ ẹni tí ǹ bá san án fún.

Akọ̀wé Ìlódè

Ó dára tí ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ fún ajẹ́ńtì kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn. Ẹ kọ ìlà kan sí abala "ìdí tí o fi ń kó kúrò" pé ìdílé ń jà sí ilé, pé owó oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì san nítorí ẹni méjì ló ń béèrè rẹ̀. Kí owó náà wà lọ́tọ̀ nínú àkáǹtì, kí ẹ má ná an. Bí ẹ bá kàn kó kúrò láìsọ, "ajigbèsè tó sá lóru" ni wọn yóò pè yín, irú èyí sì máa ń tètè dé etí ajẹ́ńtì láàárín ìlú.

Lẹ́tà tí ẹ lè bẹ ọmọ àgbà fún kò gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ: ọjọ́ tí ẹ wọlé, iye tí ẹ ń san lọ́dún, pé ẹ san dé ọjọ́ báyìí, pé kò sí ẹjọ́ láàárín yín. Ẹ má jẹ́ kí ó kọ pé ẹ jẹ́ èèyàn rere, kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ fi ẹ̀dà risíìtì sí i, pẹ̀lú risíìtì owó iná tí ẹ san gbẹ̀yìn. Gbèsè iná ni nǹkan tí lánlọ́ọ̀dù tuntun ń bẹ̀rù lẹ́yìn owó ilé.

Ajẹ́ńtì Ọ̀pá

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà o, àmọ́ èmi ò ní kọ gbèsè oṣù mẹ́ta sínú fọ́ọ̀mù. Ẹnu ni mo máa fi sọ ọ́ fún ajẹ́ńtì. Fọ́ọ̀mù máa dé ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù, lánlọ́ọ̀dù á rí "oṣù mẹ́ta", kò sì ní ka ìyókù.

Akọ̀wé Ìlódè

Mo gbọ́. Tèmi ni pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ni a lè tọ́ka sí lọ́la. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ní gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé gbogbo ohun tí o kọ jẹ́ òótọ́, pé bí irọ́ bá jáde, onílé lè fagi lé e. Kí àǹtí fúnra wọn yan èyí tó bá ọkàn wọn mu.

Télọ̀ Lágeré

Mo máa fi ẹnu sọ ọ́ ná, kí n wo ojú rẹ̀. Ó wá ku àwọn onídùúró. Àbúrò màmá mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ti gbà. Ẹnì kejì ni ìyá ìjọ wa kan. Ṣé wọ́n kàn máa fọwọ́ sí i ni?

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, kí bọ̀dá yín ka ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Mo fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́. Mo rò pé mo ń sọ pé mo mọ̀ ọ́n ni. Ó san ọdún kìn-ín-ní, kò san ìkejì, ó kó lọ sí Àbújá. Lọ́yà onílé kọ̀wé sí èmi. Wọ́n fi ibi tí mo fọwọ́ sí hàn mí, ohun tó wà lókè rẹ̀ ni pé èmi ni yóò san bí kò bá san. Inú owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo ti san díẹ̀díẹ̀.

Akọ̀wé Ìlódè

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ibi tó ń gbé èèyàn ṣubú gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá kàn ń jẹ́rìí pé òun mọ ayálégbé, kò jẹ owó kankan. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé pé "mo gbà láti san owó ilé bí kò bá san án" ti wọ gbèsè ọjọ́ iwájú, onílé sì lè pè é lẹ́jọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí abala náà kò ṣe pàtàkì tó gbólóhùn tó wà lókè ibi ìfọwọ́sí.

Àǹtí, ẹ ka gbólóhùn yẹn fún wa.

Télọ̀ Lágeré

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó ń sọ ni pé onídùúró máa san gbogbo owó ilé tí ayálégbé bá jẹ àti ohun tó bá bàjẹ́, títí ayálégbé fi máa kó kúrò.

Akọ̀wé Ìlódè

"Títí ayálégbé fi máa kó kúrò" ni kí ẹ bá wọn jà lé lórí. Bí ẹ bá gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí owó ilé sì di ìlọ́po mẹ́ta, àbúrò màmá yín ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi bírò fa ìlà sí i, kí wọ́n kọ "ọdún kan, kò gbọ́dọ̀ ju ₦400,000 lọ", kí ẹ̀yin, onídùúró àti ajẹ́ńtì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fagi lé. Ìyá ìjọ yín ò yẹ kí wọ́n wọ inú rẹ̀ rárá. Kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán, nínú lẹ́tà ọ̀tọ̀.

Ajẹ́ńtì Ọ̀pá

Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa gba ti ọdún kan. Iye owó ni wọ́n lè bá yín fà á. Ohun kan tó kù: NIN yín àti ti bọ̀dá yín, ẹ̀dà ni kí ẹ mú wá, kí ẹ fi bírò kọ ọ́ gba àárín bébà náà kọjá pé "fún ilé Párákìn nìkan" pẹ̀lú déètì. BVN ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀ nítorí ilé, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ẹ sì fi bébà bo orúkọ àwọn oníbàárà yín nínú sitetimẹ́ǹtì kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò kan lánlọ́ọ̀dù.

Màmá Tọ́pẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí mo béèrè, ẹ ò dá mi lóhùn o.

Ajẹ́ńtì Ọ̀pá

Màmá, ẹ má bínú. Àwọn lánlọ́ọ̀dù kan ló ní ká fi síbẹ̀, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lè fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Mo ti rí ẹni tó fi í sílẹ̀ tó rí ilé, mo sì ti rí ẹni tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà nítorí ẹ̀.

Télọ̀ Lágeré

Mo ti pe ajẹ́ńtì. Ó gba ti ọdún kan fún bọ̀dá wa, ó ní òun ò lè dá ìpinnu ṣe lórí ₦400,000, àfi kí òun bi ìyá onílé. Nípa oṣù mẹ́ta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n mú risíìtì ọmọ àgbà dání lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ àgbà yẹn ní òun máa kọ lẹ́tà bí mo bá san oṣù mẹ́ta náà fún òun. Àbúrò rẹ̀ sì ti gbọ́, ó ní bí mo bá san án, òun máa kó mi lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ̀gbọ́n Ìlódè, ṣé mo lè san án sí kóòtù ni, àbí kí n dúró?

Akọ̀wé Ìlódè

Ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lónìí. Ẹ wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú risíìtì àti ìwé tí ẹ̀ ń san ilé lé lórí, kí ọ̀gá wa kà á.